Ihò imú tuntun, tátúù apá, àti ilé-iṣẹ́ tí kò fẹ́ rí wọn

Àyìnkẹ́_Ọ̀wọ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé-iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò ti fún mi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n wọlé. Ìwé ìlànà wọn sọ pé tátúù kò gbọdọ̀ hàn, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun ọ̀ṣọ́ sí ojú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni mo dá imú lu. Mo sì ní tátúù láti ọrùn ọwọ́ dé agbedeméjì apá, tí ó ti pé ọdún méjì. Ṣé kí n máa yọ ti imú lárààárọ̀, kí n sì dá a padà lálẹ́? Ṣé ìpara lè bo ti apá? Bàbá mi náà kò tíì rí èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ̀tọ́_Lójú

Àbúrò, má yọ ohunkóhun. Ara rẹ ni, ìmọ̀ rẹ ni wọ́n sì torí rẹ̀ gbà ọ́ síṣẹ́. Òfin kò fún agbanisíṣẹ́ láṣẹ láti pinnu bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Bí wọ́n bá lé ọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, agbẹjọ́rò kan ṣoṣo ti tó láti bá ọ gba ẹ̀tọ́ rẹ. Ó máa ń dùn mí wọra nígbà tí mo bá rí ẹni tó mọṣẹ́ dunjú tó ń fara pamọ́ bí ẹni tó jalè.

Ó_Ti_Parẹ́

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pa tátúù náà rẹ́ kí ẹ tó wọlé ni, ẹ gbọ́ tèmi, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè tó. Mo ní orúkọ kan lọ́rùn ọwọ́, pẹ̀lú ewé aláwọ̀ ewéko lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń wo ọwọ́ náà nígbàkúùgbà tí mo bá ń kọ̀wé níwájú rẹ̀, títí ara mi kò fi gbà á mọ́, ni mo bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lo lésà. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo lọ, ọ̀sẹ̀ méje-méje ló sì wà láàárín ìgbà kan sí òmíràn. Ẹni tó ń ṣe é ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ náà kàn ń fọ́ yíǹkì sí wẹ́wẹ́ ni, pé ara fúnra rẹ̀ ló ń kó o lọ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ní láti máa dúró. Ó ju ọdún kan lọ kí a tó parí. Yíǹkì dúdú lọ, ṣùgbọ́n ewé náà ṣì wà níbẹ̀ fírífírí, awọ ibẹ̀ sì mọ́ ju ìyókù ọwọ́ mi lọ, tó fi jẹ́ pé àwọn ènìyàn máa ń béèrè bóyá iná ló jó mi. Nígbà tí mo fi parí, ọ̀gá tí mo tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Alábẹ́rẹ́_Mímọ́

Ọdún 11 ni mo ti ń dá imú àti etí lu, tí mo sì ń fín ara fún ènìyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ohun tí Àyìnkẹ́ béèrè gan-an.

Má ṣe máa yọ ti imú lárààárọ̀. Ihò imú a máa gba oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó jinná dé inú. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, òde ti lè gbẹ kí ojú má sì rí egbò kankan mọ́, ṣùgbọ́n inú ihò náà ṣì jẹ́ ẹran tútù. Bí o bá yọ ohun tó wà níbẹ̀, ihò náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí ó bá fi máa di alẹ́ tí o ń dá a padà, tipátipá ni yóò fi wọlé, ọgbẹ́ tuntun ni o sì ń dá sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi pẹ̀lú kókó pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò imú, tí wọ́n rò pé ara àwọn ló kọ irin, yíyọ àti dídá padà yìí ló fà á.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹni tó dá a lu fún ọ pààrọ̀ èyí tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, sí gíláàsì kékeré tó mọ́ gaara, tàbí sí taiténíọ̀mù tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ tí kì í tàn. Má ra ike. Ike a máa sán, ìdọ̀tí a sì máa wọnú ibi tó ti sán. Ẹni tó bá jókòó sí òdìkejì tábìlì kò ní tètè rí gíláàsì náà, àfi bí iná bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́. N kò lè sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tí yóò rí i láé.

Máa wo ara ihò náà. Omi tó mọ́ tó gbẹ di èépá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò léwu, omi iyọ̀ tí kò lágbára ni a fi ń rẹ̀ ẹ́ kúrò. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá wú, tó gbóná, tí ọyún tó nípọn ń jáde, tí ibà sì tẹ̀ lé e, dókítà ni kí o lọ rí, kí o sì fi ohun ọ̀ṣọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀ títí dókítà yóò fi wò ó, kí ihò má bàa pa dé mọ́ ọyún nínú.

Ní ti apá, ọdún méjì ti tó, ìpara kò lè pa á lára. Tátúù tuntun nìkan ni a kì í fi ìpara bò kí awọ tó bó tán. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni kí ènìyàn fi ìpara aláwọ̀ ara lé yíǹkì dúdú lórí tààrà. Eérú ni yóò dà, àwọ̀ eérú náà ni yóò sì pe ojú wá. Àwọ̀ ọsàn ni a ń kọ́kọ́ fi sí i, nítorí yíǹkì dúdú a máa dà bí àwọ̀ aró lábẹ́ awọ, àwọ̀ ọsàn ló sì ń pa á. Lẹ́yìn èyí ni ìpara aláwọ̀ ara yóò tẹ̀ lé e, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí o dúró kí ó gbẹ, kí o fi àtíkè lé e, kí o sì dúró sí i kí o tó wọ aṣọ. Dán an wò nílé fún wákàtí mẹ́jọ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kí o sì yẹ etí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà wò nírọ̀lẹ́. Bí ó bá ti pọ́n, o mọ̀ pé kò ní bá ọ délé láti ibi iṣẹ́. Fún tátúù tó gùn tó tìrẹ, ọwọ́ aṣọ gígùn ló dára jù. Ọrùn ọwọ́ nìkan ni ìpara wà fún.

Ìyá_Òṣìṣẹ́

Mo kí yín, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún 14 ni mo fi jókòó sí ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní irú ilé-iṣẹ́ tí Àyìnkẹ́ fẹ́ wọ̀ yìí.

Ẹ̀tọ́_Lójú, apá kan ọ̀rọ̀ yín ló tọ̀nà. Òfin ní ọ̀pọ̀ ibi máa ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ nítorí ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí àìlera, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn yàn nítorí pé ó wù ú kì í sábà sí nínú rẹ̀. Ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ní ọdún 2004. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà ńlá ní òrùka ní ìpéǹpéjú, ó sì sọ pé ẹ̀sìn òun ló ní kí òun má ṣe yọ ọ́ tàbí kí òun bò ó. Ilé ìtajà náà ti ní kí ó fi báńdéèjì kékeré bò ó, tàbí kí ó fi ike tí kò hàn rọ́pò rẹ̀. Ilé ìtajà ló jàre, nítorí ilé-ẹjọ́ gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rí bí ó ṣe yẹ lójú oníbàárà. Ẹni tó tilẹ̀ mú ẹ̀sìn dání pàdánù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi agbẹjọ́rò kan ṣoṣo dá ọmọ ọlọ́mọ lójú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wọ́n ṣe máa ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́jọ́ níbi iṣẹ́ nítorí ìrísí rẹ̀, nítorí kì í sábà wá pẹ̀lú lẹ́tà ìlénikúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan tó ní tátúù lókè ọrùn ọwọ́. Fún oṣù mẹ́rin kò sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ kan, níbi ìpàdé pẹ̀lú oníbàárà, ó na ọwọ́ kọjá tábìlì láti gba fáìlì, ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì fà sókè tó ìka mẹ́ta. Oníbàárà náà kò sọ nǹkan kan. Ó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ nínú àpò. Ọ̀gá wa ló rí i. Nígbà tí wọ́n pè mí lẹ́yìn ìpàdé, ohun tí ọ̀gá ń tẹnu mọ́ ni pé, "Kí ló tún ń fi pa mọ́ fún wa?"

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti ìṣáájú wé èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Irú àṣìṣe kan náà ló wà nínú méjèèjì, ìyẹn ni pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Nínú èyí àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ pé "ó ń fara balẹ̀ kọ́ṣẹ́." Nínú èyí kejì, wọ́n kọ ọ́ pé "kò ka iṣẹ́ sí." Kò sí ọjọ́ kankan tí wọ́n tọ́ka sí, kò sí iṣẹ́ kan pàtó tí wọ́n dárúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrísí yín ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ wò: ìgbà tí ẹ̀sùn iṣẹ́ bá ti di ẹ̀sùn ìwà, tí kò sì ní ọjọ́ tàbí iye nínú mọ́. Ẹ béèrè fún ọjọ́ àti iṣẹ́ náà ní kíkọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nítorí náà, Àyìnkẹ́, sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ; àkókò tó dára jù lọ nìyí, kí o tó wọlé. Kọ ìwé ṣókí sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́, má tọrọ àforíjì, má sì jiyàn. Báyìí ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú láti kọ ọ́:

"Mo ti ka ìlànà lórí ìrísí òṣìṣẹ́, mo sì fẹ́ tẹ̀ lé e. Mo ní tátúù kan ní apá, tí ọwọ́ aṣọ gígùn yóò máa bò ní gbogbo àkókò iṣẹ́. Mo tún ní ihò imú tí kò tíì jinná, tí n kò lè yọ ohun inú rẹ̀ fún bí oṣù márùn-ún sí i. Mo lè fi gíláàsì tí kò hàn sí i, tàbí kí n fi báńdéèjì kékeré aláwọ̀ ara bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ nínú méjèèjì."

Ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́tà náà kò béèrè pé "ṣé ẹ gbà?" Ohun méjì ló gbé síwájú wọn, wọ́n sì ní láti mú ọ̀kan. Ó rọrùn fún òṣìṣẹ́ ẹ̀ka wa láti yan ọ̀kan nínú méjì ju kí ó lọ bi ọ̀gá léèrè ohun tí ọ̀gá yóò kọ́kọ́ dáhùn pẹ̀lú "rárá." Tọ́jú èsì wọn.

Ra ṣẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ rẹ̀ fi ìka méjì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí o sì na ọwọ́ níwájú dígí bí ẹni tó fẹ́ gba fáìlì.

Olórí_Dàda

Ẹ dárí jì mí pé mo mú ọ̀rọ̀ tèmi wọlé. Ẹ̀yin lè wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Orí mi kò ní ọwọ́ aṣọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́ dàda mi. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ tuntun, ọ̀gá kan sọ fún mi pé kí n wá "irun tó mọ́" ṣe, bẹ́ẹ̀ mo fọ̀ ọ́ ní àná ọjọ́ náà. Mo di í sẹ́yìn ṣinṣin fún ọdún kan, etí irun iwájú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Irú ẹ̀rí wo ni ènìyàn lè mú wá pé orí òun mọ́?

Ìyá_Òṣìṣẹ́

Olórí_Dàda, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Tiyín yàtọ̀, nítorí irun náà bí ó ṣe ń hù lórí ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà fi irun bíi dàda sínú òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà ní ọdún 2019, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Tátúù kò sí nínú òfin náà. Bí "irun tó mọ́" bá ni wọ́n sọ, ẹ béèrè ní kíkọ sílẹ̀ pé kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí "mímọ́" túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó sọ ọ́ kì í lè kọ ọ́. Ẹ sì dín bí ẹ ṣe ń dì í kù, kí irun iwájú tó lọ pátápátá.

Baba_Ẹlẹ́bí

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ tán, ẹ kò dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá ni èmi náà. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ ni wọ́n fi tọ́ mi, òun náà ni mo sì fi tọ́ àwọn ọmọ mi, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Àkọ́bí mi fín ọrùn. Àbúrò ìyàwó mi ló bi mí léèrè níbi ayẹyẹ kan, níṣojú ogún ènìyàn, pé, "Ẹ ti rí ọrùn ọmọ yín?" N kò tíì rí i. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀. Fún oṣù mẹ́ta n kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ tó gùn ju ìkíni lọ, ó sì rò pé tátúù ni mo ń bínú sí. Ohun tó dùn mí ni pé ará ìta mọ̀ kí n tó mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí, n bá pariwo lálẹ́ ọjọ́ náà, kó sì tán síbẹ̀.

Síbẹ̀ n kò fara mọ́ ọn. Ìwé Léfítíkù orí 19 ẹsẹ 28 kò fi í pa mọ́.

Alábẹ́rẹ́_Mímọ́

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹsẹ náà dárúkọ sísín gbẹ́rẹ́ nítorí òkú pọ̀ mọ́ kíkọ àmì sára, àwọn onígbàgbọ́ kan sì gbà pé ọ̀rọ̀ ìṣọ̀fọ̀ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn 27, kọ̀ gígé etí irùngbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń fá tiwa lárààárọ̀.

Baba_Ẹlẹ́bí

Mo ti gbọ́ àlàyé yẹn rí, ọmọ mi náà sọ ọ́. Kò tíì wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbi tí mo wà. Ohun tí mo ń sọ fún Àyìnkẹ́ ni pé kí ó sọ fún bàbá rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì nìkan bá wà, kí ó má ṣe mú ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ṣe alágbàwí. Níwájú èrò, bàbá yóò sọ ohun tí èrò ń retí lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀tọ́_Lójú

Mo gba àtúnṣe lórí òfin, ẹ ṣeun, Ìyá. Àmọ́ mi ò gbà pé kí ó kọ lẹ́tà. Wọn kò mọ̀, wọn kò béèrè. Kí ló dé tí yóò fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́? Bí wọ́n bá gba ìwé náà padà ńkọ́?

Ìyá_Òṣìṣẹ́

Ó lè ṣẹlẹ̀, n kò ní purọ́ fún un. Mo ti rí i tí wọ́n gba ìwé padà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi ìdí mìíràn bò ó. Bí ó bá jẹ́ apá nìkan ni, n bá sọ pé kí ó dákẹ́, nítorí ìlànà wọn sọ pé kó má hàn, aṣọ sì ti bò ó. Imú ni kò ṣeé dákẹ́ lé lórí, nítorí ojú ni wọn yóò máa wò lójoojúmọ́. Ìpinnu náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyìnkẹ́_Ọ̀wọ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n mo yọ tátúù kúrò nínú rẹ̀, bí Ìyá ṣe sọ níkẹyìn. Wọ́n dáhùn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin: wọ́n fẹ́ báńdéèjì ní ọjọ́ tí oníbàárà bá ń bọ̀, wọ́n sì gba gíláàsì ní àwọn ọjọ́ yòókù, títí oṣù márùn-ún náà yóò fi parí. Wọn kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, èmi náà kò sì tíì béèrè.

Mo sọ fún bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ń tún rédíò wọn ṣe. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, mo gbé apá náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn skúrúù kéékèèké tí wọ́n tú sílẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n bi mí bóyá ó dùn mí. Mo ní ó dùn mí níbi ọrùn ọwọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn tan iná sí inú rédíò náà, a sì tún un ṣe títí ó fi fọhùn. Wọn kò tíì dárúkọ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, n kò sì mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí kí ó ti tán. Ti imú, wọ́n ti rí i tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn rò pé irorẹ́ ni.

Ìbéèrè kan ló kù, Alábẹ́rẹ́_Mímọ́: ṣé báńdéèjì kò ní fa gíláàsì náà jáde nígbà tí mo bá ń ṣí i?

Alábẹ́rẹ́_Mímọ́

Ó lè fà á bí o bá ń ṣí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ní kíá. Gé báńdéèjì náà kí ó kéré, kí àárín rẹ̀ tí kì í lẹ̀ wà lórí ihò gan-an, kí apá tó ń lẹ̀ mú awọ nìkan. Lálẹ́, fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, fi ìka kan di gíláàsì náà mú láti inú imú, kí o tó ṣí i díẹ̀díẹ̀. Máa pààrọ̀ rẹ̀ bí o bá làágùn, má sì fi bò ó mọ́jú, kí afẹ́fẹ́ lè kan ibẹ̀.